Àárẹ̀ tí apá oorun ò ká mọ́: bẹ́ ẹ ṣe lè tètè mọ̀ pé iṣẹ́ ti ń fà yín gbẹ

Ẹ fi bó ṣe rẹ̀ yín tó sílẹ̀ ná, bóyá ìsinmi ṣì ń ṣiṣẹ́ lára yín ni kẹ́ ẹ máa wò. Iṣẹ́ tó le máa ń rẹ gbogbo èèyàn, kò séjọ́ níbẹ̀, èèyàn lè fọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ bí ẹrú torí pé nǹkan kan gbọ́dọ̀ jáde lóṣù yẹn, kó wá sùn dáadáa lọ́jọ́ méjì, kára ẹ̀ sì padà bọ̀ sípò. Ìyẹn ò burú. Ibi tó ti ń burú ni kẹ́ ẹ sùn wákàtí mẹ́sàn-án mọ́jú Sọ́ńdè kẹ́ ẹ sì jí bí ẹni tí ò fojú ba oorun rárá, kó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kó tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹta. Ohun tí wọ́n ń pè ní bọ́náòtù, ibẹ̀ yẹn ló sábà máa ń gbà yọ́ wọlé, ọ̀pọ̀ ò sì ní fura títí dọjọ́ tí wọ́n á jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ tí ẹsẹ̀ ò ní gbé wọn dìde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń wá. Lọ́dún 1974 ni Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, kọ̀wé nípa ohun tó rí lára àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ kan, àwọn tó fi tọkàntọkàn wọṣẹ́ náà, tó sì wá rẹ̀ wọ́n débi pé wọn ò fẹ́ rí aláìsàn sójú mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Christina Maslach, tóun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn nǹkan náà, ó pín in sọ́nà mẹ́ta, ọ̀nà mẹ́ta yẹn náà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé yẹ̀ wò nígbà tí wọ́n ń to ìwé àwọn àìsàn wọn lọ́dún 2019: okun tó ti tán nínú èèyàn, ọkàn tó ti jìnnà síṣẹ́ tàbí tó ń fojú burúkú wò ó, àti iṣẹ́ tí ò yọrí bó ṣe máa ń yọrí tẹ́lẹ̀. Àjọ náà sọ ọ́ kedere pé kì í ṣe àìsàn, pé nǹkan tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, nígbà tí wàhálà bá pẹ́ níbẹ̀ tí ẹnì kankan ò sì bójú tó o. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ẹ̀ ló fà á tí òògùn amáralókun ò fi lè yanjú ẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà okun ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìwòkuwò á tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tó ń bà jẹ́ á wá gbẹ̀yìn. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ṣá o, mo mọ ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ẹ̀ ló kọ́kọ́ yí padà kó tó di pé ó ń rẹ̀ ẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ máa fún òwúrọ̀ yín ní máàkì

Ẹ wá ìwé kékeré kan, ẹ fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Láràárọ̀, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, kẹ́ ẹ tó mu kọ́fí tàbí tíì, ẹ bi ara yín léèrè ẹyọ kan: báwo lara mi ṣe padà bọ̀ sípò tó látàná? Ẹ fún un ní máàkì láti 0 dé 10. 0 ni kẹ́ ẹ jí bí ẹni tí ò sùn, 10 ni kára yín jí pépé. Ẹ má rò ó jù, nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni kẹ́ ẹ kọ. Lálẹ́, ẹ kọ ohun kejì sí i, ìyẹn aago tẹ́ ẹ fọwọ́ kan iṣẹ́ gbẹ̀yìn, tó fi mọ́ méséèjì tẹ́ ẹ kàn ní kẹ́ ẹ wò fìrí. Kò ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe é, torí ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ burúkú lásán.

Ìdí tí mo fi ní kó ṣáájú fóònù ni pé tẹ́ ẹ bá ti ka ímeèlì kan tó bí yín nínú, ímeèlì yẹn lẹ máa fún ní máàkì, kì í ṣe ara yín mọ́. Kọ́fí náà, irọ́ ló máa ń pa fún yín. Bí wákàtí márùn-ún bá kọjá lẹ́yìn tẹ́ ẹ mu ún, ìdajì ohun tó ń lé oorun nínú ẹ̀ ṣì lè wà lára yín, ẹni tó bá sì mu un láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kó lè parí iṣẹ́, òun náà ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ lé oorun lọ lóru, tí àárọ̀ ọjọ́ kejì bá tún le á fi kọ́fí míì tì í. Ọtí náà ńkọ́? Ó máa ń jẹ́ kéèyàn tètè sùn lóòótọ́ àmọ́ á já oorun náà sí wẹ́wẹ́ tó bá di ìdajì òru. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń fi ọ̀kan gbéra láàárọ̀ tẹ́ ẹ sì ń fi ìkejì sùn lálẹ́, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀, àmì ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ìwé náà rèé. Ẹni tó kàn rẹ̀ lásán, máàkì ẹ̀ máa ń wálẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ, tó bá wá di ọjọ́ ìsinmi á gòkè. Ẹni tí iṣẹ́ ti ń fà gbẹ, tiẹ̀ kì í gòkè lọ́jọ́ ìsinmi, tàbí kó gòkè díẹ̀ kó sì tún já bọ́ kí Mọ́ńdè tó mọ́. Ọjọ́ ìsinmi ni kẹ́ ẹ tẹjú mọ́, ẹ fi Tọ́sìdeè sílẹ̀, kò sẹ́ni tí Tọ́sìdeè kì í rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sí i: irú oorun tẹ́ ẹ̀ ń sùn. Àárẹ̀ ara máa ń gbé èèyàn sùn fọnfọn. Àárẹ̀ tí mò ń sọ yìí máa ń ṣe òdì kejì, ó máa rẹ̀ yín títí dórí eegun, ẹ máa wá dùbúlẹ̀ kí ojú máa là kedere, tàbí kẹ́ ẹ sùn kẹ́ ẹ sì ta jí láago mẹ́ta òru kí ọ̀rọ̀ mítìn àná bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ara ẹ̀ lórí yín látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá ti ju alẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ sàmì sí i.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ gbọ́ ohun tẹ́nu yín ń sọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gba ara wọn lẹ́tàn, torí ẹni tẹ́nu ẹ̀ yí padà máa ń rò pé òun ti gbọ́n síṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì tó máa ń pe aláìsàn lórúkọ á bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní bẹ́ẹ̀dì keje, tíṣà tó máa ń bínú tọ́mọ kan bá fèèlì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kò kan òun, ẹni tó ń gba ìpè kọsítọ́mà á rí i tí fóònù ń dún á sì pòṣé kó tó gbé e. Ẹ̀yin fúnra yín lè má gbọ́ ọ o. Nítorí náà ẹ yan èèyàn kan tẹ́ ẹ jọ ń gbélé tàbí tẹ́ ẹ jọ ń sọ̀rọ̀ déédéé, kẹ́ ẹ bi í ní ohun méjì péré: báwo ni mo ṣe máa ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ mi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, báwo ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí? Ẹ má já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ má sì gbèjà ara yín, ẹ ṣáà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ẹ ya ẹ̀fẹ̀ sọ́tọ̀ o. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tó le máa ń fi wàhálà wọn ṣe ẹ̀rín láàárín ara wọn, ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ni pé lẹ́yìn ẹ̀rín ẹ ṣì máa ṣàánú ẹni tó wà níwájú yín. Tí àánú ò bá sí níbẹ̀ mọ́, tẹ́ ẹ sì ń sá fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó ṣì ń fìtara ṣiṣẹ́ torí pé ìtara wọn ń bí yín nínú, ẹ ti kúrò níbi ẹ̀fẹ̀ nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mú iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ mọ̀ dunjú, kẹ́ ẹ ka àkókò ẹ̀

Ẹ má mú iṣẹ́ ńlá, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ lè dijú ṣe: ríípọ́ọ̀tù ọ̀sẹ̀, rọ́sítà, ìṣirò owó tó wọlé. Ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó ń gbà yín báyìí, kẹ́ ẹ fi wé ti oṣù mélòó kan sẹ́yìn, àwọn fáìlì àtijọ́ máa ń ní aago lára. Bí iṣẹ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá ti ń gba wákàtí kan tí kò sì sí nǹkan tuntun kankan nínú ẹ̀, ọpọlọ yín ló ti ń sọ̀rọ̀. Àwọn àmì kéékèèké tó máa ń bá a rìn ni kẹ́ ẹ ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹta kó tó yé yín, kẹ́ ẹ ṣí ímeèlì kẹ́ ẹ tún tì í láìdáhùn, kẹ́ ẹ máa gbàgbé orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀ tipẹ́, kẹ́ ẹ máa sún ìpè oníṣẹ́jú méjì síwájú lójoojúmọ́ bí ẹni pé òkúta ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń ṣe tí wọ́n bá rí èyí ni kí wọ́n fi wákàtí kún iṣẹ́. Wọ́n á dúró pẹ́ sí i kí wọ́n lè bá ara wọn, wákàtí tí wọ́n fi kún un yẹn, láti inú oorun ni wọ́n ti mú un, bẹ́ẹ̀ làárọ̀ ọjọ́ kejì á tún ṣe burú sí i, tí wọ́n á tún dúró pẹ́. Látìta, ẹni yẹn á dà bí òṣìṣẹ́ tó dáa jù, àwọn ọ̀gá á tiẹ̀ máa yìn ín, ìdí nìyẹn tí kì í fi sẹ́ni tó máa tètè rí i.

Bó ṣe rí lára ẹnì kan

Obìnrin kan tí mo sún mọ́ dáadáa ló ń bójú tó tíìmù àwọn tó ń gba ìpè kọsítọ́mà. Kò gbà pé nǹkan kan ń ṣe òun, ó ní ó kàn ń rẹ òun ni. Àbúrò ẹ̀ ló bá a sọ òótọ́: “Àǹtí, ẹ má bínú o, ẹ ti ń dá gbogbo wa lóhùn bí ẹni pé a jẹ yín lówó.” Ó bínú gan-an lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ó mú ìwé.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, máàkì ẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè jẹ́ 5, 5, 4, 4, 3, Sátidé jẹ́ 6, Sọ́ńdè 6. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ yẹn ló dúró sí, màá ní kó máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Lọ́sẹ̀ kẹta ó ti di 4, 3, 3, 3, 2, Sátidé 3, Sọ́ńdè 3. Ẹ wo Sátidé yẹn dáadáa, ó sùn títí aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́jọ́ náà o, kò sì sí ìyàtọ̀ kankan. Rọ́sítà tó máa ń fi ogójì ìṣẹ́jú ṣe ti ń gbà á tó wákàtí kan ààbọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì kọ orúkọ ẹnì kan sí ṣífùtù méjì lọ́jọ́ kan náà.

Àmọ́ ìlà kejì inú ìwé ẹ̀, ìyẹn aago tó fọwọ́ kan iṣẹ́ gbẹ̀yìn, òun ló fi orísun ọ̀rọ̀ hàn. Kò sálẹ́ kan tó wà lábẹ́ aago mẹ́wàá. Ìyẹn àwọn tó bá fẹ́ yí ṣífùtù padà ló ń fi méséèjì ránṣẹ́ lálẹ́, tó sì gbọ́dọ̀ wá ẹni tó máa dípò wọn kílẹ̀ tó mọ́, bí méséèjì ò tilẹ̀ wọlé, ó ṣáà ń retí ẹ̀ ni. Ara tó ń retí ìpè kì í sinmi, bó tilẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wá ibi tó ti ń jò, ẹ dí ọ̀kan

Maslach àti Michael Leiter tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sọ pé ọ̀nà mẹ́fà ni ibi iṣẹ́ máa ń gbà fa èèyàn gbẹ: iṣẹ́ tó pọ̀ jù, àìní àṣẹ lórí bó o ṣe ń ṣe é, ìmọrírì tàbí owó tí ò tó, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣe é tí ẹ ò rẹ́, ojúsàájú, àti iṣẹ́ tó ń ní kó o ṣe ohun tí ọkàn ẹ kọ̀. Èyí àkọ́kọ́ nìkan la sábà máa ń rò. Obìnrin yìí náà, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé kí wọ́n dín iye ìpè kù, bẹ́ẹ̀ ìpè ò tíì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí ìkejì ló ń pa á, kò ní àṣẹ lórí alẹ́ ara ẹ̀.

Ohun tó gbé lọ bá ọ̀gá ẹ̀ nìyí, ó sì ṣe pàtàkì bó ṣe gbé e lọ. Kò sọ pé ó rẹ òun, torí tẹ́ ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní kẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n á ní gbogbo wa ló ń rẹ̀. Ó mú àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ: alẹ́ báyìí ni mo ṣiṣẹ́ lẹ́yìn àkókò, àṣìṣe rọ́sítà méjì ló ti tìdí ẹ̀ jáde, ohun tí mo fẹ́ rèé. Méjì péré ló béèrè. Kí rọ́sítà máa jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kó má sì yí padà lẹ́yìn aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ àfi tẹ́nì kan bá ṣàìsàn, kí àwọn aṣáájú tíìmù mẹ́ta sì máa gba fóònù alẹ́ ní ìyípo. Wọ́n gba ìkejì, wọ́n ní àwọn máa wo ìkíní. Lẹ́yìn bí oṣù kan, Sátidé ẹ̀ ti padà sí 6. Àárín ọ̀sẹ̀ ṣì wà ní 4 sí 5, ìyẹn ò tíì tán.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ẹ dí èyí tó wà lọ́wọ́ yín. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa ìsinmi rí i pé ọ̀kan pàtàkì lára ohun tó ń mú okun padà ni kí ọkàn kúrò lórí iṣẹ́ pátápátá fúngbà díẹ̀, nítorí náà alẹ́ méjì lọ́sẹ̀ tí fóònù iṣẹ́ wà nínú yàrá míì dáa ju alẹ́ márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí lọ. Ẹ kọ iṣẹ́ ọ̀la sórí ìwé kẹ́ ẹ tó kúrò níbi iṣẹ́, títí kan ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dín ìrònú aago mẹ́ta òru yẹn kù. Lífù náà dáa, ẹ gbà á, àmọ́ ẹ má retí pé á wo yín sàn. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn téèyàn bá padà síbi iṣẹ́ ni adùn ẹ̀ máa ń lọ, lára ẹni tára ẹ̀ le pàápàá. Tó bá wá jẹ́ pé ọjọ́ kìíní yẹn gan-an ló ti lọ, ibi iṣẹ́ ni ìṣòro wà, lífù ò lè dé ibẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sọ pé iṣẹ́ ni

Ẹ lọ rí dókítà, torí ohun tó jọ ọ́ pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ò tó, táírọ́ìdì, ìyẹn ẹ̀yà ara kan lọ́rùn tó ń darí okun ara, tí ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, ìtọ̀ ṣúgà, gbogbo wọn ló ń fa àárẹ̀ tí ìsinmi ò ràn, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló sì ń fi wọ́n hàn. Tí ẹni tó ń sùn tì yín bá ní ẹ máa ń han-run gan-an tí èémí yín sì máa ń dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tún mí, ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà, oorun yẹn fúnra ẹ̀ lè jẹ́ àìsàn.

Ìsoríkọ́ ló ṣòroó yà sọ́tọ̀ jù. Ohun tí mo máa ń wò ni ohun téèyàn fẹ́ràn tí ò kan iṣẹ́. Bí bọ́ọ̀lù, tàbí ọmọ, tàbí orin bá ṣì ń dùn mọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbàgbé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ náà ni. Àmọ́ tí ohunkóhun ò bá dùn mọ́ yín mọ́, tó sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tó ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ó ti kọjá iṣẹ́ nìyẹn, ẹ má fi ìwé máàkì tọ́jú ẹ̀, ẹ wá dókítà. Méjèèjì sì lè wà lára ẹnì kan náà. Tí èrò pé kẹ́ ẹ kú tàbí kẹ́ ẹ pa ara yín lára bá wọlé, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún ẹnì kan kẹ́ ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ má dúró de Mọ́ńdè. Àyà tó ń dun èèyàn tàbí èémí tó ń há náà, ẹ má sọ pé wàhálà iṣẹ́ ni, ilé ìwòsàn ni.

Ìlà tí mo fà fúnra mi rèé, kò sí nínú ìwé dókítà kankan: bí máàkì ọjọ́ ìsinmi bá wà lábẹ́ 4 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, tí ẹnu tàbí iṣẹ́ yín náà sì ti yí padà, ẹ dí ibi kan tó ń jò lọ́sẹ̀ yẹn. Ẹ fún un ní oṣù kan. Bí ọjọ́ ìsinmi ò bá gòkè lẹ́yìn oṣù kan, dídí ibi kéékèèké ò tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti di kẹ́ ẹ béèrè fún ìsinmi tí dókítà fọwọ́ sí, tàbí kẹ́ ẹ kúrò nípò yẹn. Tó bá sì gòkè, ẹ má ju ìwé náà nù, ẹ máa fi ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kọ ọ́, pàápàá lóṣù tẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ ti ń sọ fún àwọn èèyàn pé “ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ yìí ṣáà parí ná.”